Yíìsì Ló Dá Wa Dúró: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Tó Ń Dé Lásìkò Ìlò Gẹ́lẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníbúrẹ́dì sọ níbi ìpàdé wọn n'Ìbàdàn. Mo ti tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà.)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Nígbà tí alága ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ọjà sí sító, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ta ni yóò kọ́ oníbúrẹ́dì pé ọjà tó bá pẹ́ nílẹ̀ á bàjẹ́? Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í yan ju iye tí àwọn tó ń kó o lọ tà bá sọ pé àwọn fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni bóyá irú ọgbọ́n kan náà ṣe é lò fún àwọn ohun tí ẹ fi ń ṣe búrẹ́dì: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, àti èyí tó kéré jù lójú nínú gbogbo wọn, yíìsì, tí Bíbélì wa ń pè ní ìwúkàrà.

Just-in-time ni wọ́n ń pe ọgbọ́n náà. Kí ọjà dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó ní àsìkò tó fẹ́ lò ó gẹ́lẹ́, kí iye tó dé má sì ju iye tó fẹ́ lò lọ. Ilẹ̀ Jàpáànù ló ti wá, láti ilé àwọn Tóyótà. Kiichiro Toyoda tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ ti ń sọ ọ́ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ Taiichi Ohno ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ lẹ́yìn ogun.

Àìlówó ló bí i, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ní ọdún 1950, díẹ̀ ló kù kí Tóyótà kógbá sílé. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kò tà, owó wọn há sínú irin, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro fúnra rẹ̀ sì fipò sílẹ̀. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lójú rẹ̀, tó bá rí irin tó sùn sí sító, owó tó sùn ló máa rí. Ohno wá wo bí àwọn ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe: oníbàárà mú nǹkan lórí pẹpẹ, ẹni tó ń tọ́jú pẹpẹ á sì fi iye tí oníbàárà mú gan-an dí i, kò ní lé kò ní dín. Ó ní ohun tí òun fẹ́ nínú iléeṣẹ́ òun nìyẹn. Wọ́n fi kádì kékeré kan sára gbogbo àpótí, kánbáàn ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tó wà nínú àpótí, kádì á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Kádì yẹn ló ń sọ fún un pé kó ṣe òmíràn. Tí kádì kò bá dé, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo tọ́jú sító nílé búrẹ́dì kan níbí fún ọdún mélòó kan. 20 àpò fúláwà là ń pò lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, ààbọ̀ tírélà là ń gbà lẹ́ẹ̀kan, 300 àpò, tí yóò tó wa lò fún ọjọ́ 15. Ẹ mọ bí sító ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí tírélà bá já ẹrù: fúláwà kan àjà, a ò rí ibi ẹsẹ̀ tẹ̀, àpò ìsàlẹ̀ ń fara gbá omi ilẹ̀, eku ń jó lórí tòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí n má baà parọ́ iye owó ọjà fún yín, torí ó ń yí lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ ká fi àpò kan pe 60,000 náírà. 300 àpò ló wọlé, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán, nítorí náà, tí a bá pín in dọ́gba, 150 àpò ló máa ń wà nílẹ̀. Mílíọ̀nù 9 náírà nìyẹn. Bí bánkì bá ń gba 30 nínú 100 lọ́dún, mílíọ̀nù 2 àti 700,000 náírà là ń san lọ́dún nítorí kí fúláwà lè rí ibi sùn.

A kọ́kọ́ rò pé ká kúkú máa lọ ra 60 àpò ní dípò, ilé àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀, n'Ìbàdàn níbí ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Owó tó máa sùn á dín kù gan-an lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oní-dípò fi 500 náírà lé orí àpò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi bírò sí i, mo rí i pé tí àfikún náà bá ti ju nǹkan bíi 300 náírà lórí àpò kan lọ, èlé tí a sá fún ní bánkì la máa lọ san fún àwọn oní-dípò. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ní àwọn ń rà díẹ̀díẹ̀ bíi Tóyótà, wọn ò sì ní ṣírò owó ọkọ̀ àti owó àfikún tí díẹ̀díẹ̀ máa ń bá wá.

Ohun tó yọ wá ni pé a bá àwọn oníbúrẹ́dì méjì tó wà ní àdúgbò wa sọ̀rọ̀. Ààbọ̀ tírélà kan náà ló ń bọ̀ láti Èkó, ní iye owó kan náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, a ó sì pín in sọ́nà mẹ́ta, 100 àpò fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa wá di 50 àpò. Mílíọ̀nù 6 náírà bọ́ sílẹ̀, èlé mílíọ̀nù 1 àti 800,000 lọ́dún sì kúrò lọ́rùn wa, láìsan kọ́bọ̀ kún un fẹ́nikẹ́ni.

Èrè kejì tún wà tí mi ò retí. Nígbà kan, fúláwà kan wọlé tí kò lágbára. Ìyẹ̀fun pípò náà ń fà, kò dìde dáadáa. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, 300 àpò rẹ̀ ni ì bá wà lọ́rùn wa, a ó sì máa fi ọgbọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, oníbàárà á máa kùn. 100 àpò ló jẹ́ nígbà tí à ń sọ yìí. Nígbà tí a fi máa pe àwọn ọlọ́jà, ẹrù tó kàn kò tíì kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Tóyótà gan-an, èrè tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ọjà púpọ̀ nílẹ̀ máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Tí ọjà bá kéré, àléébù á yọjú lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀gá wa dùn. Ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo nǹkan tó wà ní sító. Èmi náà kò janpata. Orí mi ti wú.

A ń lo yíìsì bíi kílò 10 lójúmọ́, páálí kan gẹ́lẹ́. Páálí 25 la máa ń ní nílẹ̀. Mo bi ọmọ alágbàtà tó ń kó o wá fún wa láti Èkó pé ọjọ́ mélòó ni ẹrù máa ń gbà tí a bá ti sanwó. Ó ní, "Ọjọ́ méje, bàbá. Ọjọ́ méje ni." Mo bá ní ká máa dúró títí yóò fi ku páálí mẹ́jọ ká tó pè wọ́n. Ìgbà márùn-ún la ṣe é. Ìgbà kan péré ló lé díẹ̀, a sì yọ nínú ẹ̀ lọ́nà kan ṣá.

Ìgbà kẹfà, a sanwó ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé kejì, ẹrù ò dé. Mo pè. Wọ́n ní ó ti wà lọ́nà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, páálí tó kẹ́yìn wọ inú ẹ̀rọ. Mo tún pè. Wọ́n ní kọ̀nténà ti jáde ní Àpápá. Lọ́jọ́rú, kò sí yíìsì. 20 àpò fúláwà wà nílẹ̀, ṣúgà wà, bọ́tà wà, iná wà, àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó sórí tábìlì tí wọ́n ń gé ìyẹ̀fun lé lórí, wọ́n ń wo ojú mi. Ọ̀gá ní kí n lọ rà á lọ́jà. Mo rí mẹ́ta ní Dùgbẹ̀, ní owó tí mi ò fẹ́ sọ níbí. Nígbà tí a pò ó, a dúró wákàtí kan, a dúró méjì, ìyẹ̀fun náà sùn bí ẹni tó mu oògùn. Yíìsì ti kú sínú ọ̀rá rẹ̀. Iye ọjọ́ tí ẹrù wa fi dé tán, ọjọ́ 21 ni. Ọjọ́ tí a kò fi yan búrẹ́dì gidi sún mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tó ń kó o lọ tà sì ti wá ibòmíràn gbà. Àwọn kan nínú wọn ò padà wá mọ́ dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe àwọn Tóyótà náà, kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀kan tèmi nìkan ni. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọdún 1997, iná sọ ní iléeṣẹ́ Aisin kan ní ìlú Kariya. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fáàfù kékeré kan fún bíréèkì, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn há pa nígbà téèyàn bá tẹ bíréèkì. Kò ju páálí sìgá lọ, kò sì wọ́n. Bíi 99 nínú 100 irú rẹ̀ tí Tóyótà ń lò, ọ̀dọ̀ Aisin ló ti ń wá, ohun tó sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Tóyótà kò ju ti wákàtí díẹ̀ lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, iléeṣẹ́ Tóyótà ní Jàpáànù dúró. Ọkọ̀ odindi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, àga rẹ̀ wà, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, fáàfù tó tó àtẹ́lẹwọ́ ló dá a dúró.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé nǹkan bí 200 iléeṣẹ́ sáré dìde láti bá wọn ṣe fáàfù náà, títí kan Brother tó ń ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ti tún ń jáde. Àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn ti ń bá Tóyótà ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú wọn kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwa tí à ń wo Tóyótà láti òkèèrè, sító tó ṣófo nìkan la máa ń rí. A kì í rí àwọn tó yí sító náà ká, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni sító rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí yíìsì wa. Lẹ́yìn tójú ti wá tán, mo wá ìwé rísíìtì jáde. Mo kọ ọjọ́ tí a sanwó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kọ ọjọ́ tí ẹrù dé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà mẹ́jọ tí a rà, títí kan méjì tó tẹ̀ lé ti ọjọ́ burúkú yẹn, iye ọjọ́ tó gbà nìyí: 7, 8, 7, 9, 8, 21, 7, 13.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ yẹn kò parọ́. Ọjọ́ méje ló wọ́pọ̀ jù. Tí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ sì fi mẹ́jọ pín in, ọjọ́ 10 ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi páálí 10 sílẹ̀ kó tó pè wọ́n, ebi á pa á lẹ́ẹ̀méjì nínú ìgbà mẹ́jọ. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí níwèé ní kí a wo bí iye ọjọ́ náà ṣe ń fì síwá sẹ́yìn sí 10 yẹn. Nínú ti wa yìí, ó ń fì tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ní tí a bá fẹ́ kí yíìsì má tán nígbà 95 nínú 100, kí a sọ márùn-ún yẹn di ìlọ́po 1.65, èyí tó jẹ́ 8, kí a fi kún 10. Páálí 18 nìyẹn.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣírò náà, àmọ́ mi ò gbà á tán. Ó gbà pé ìdádúró máa ń fì sọ́tùn-ún sósì lọ́gbọọgba, bẹ́ẹ̀ ẹrù tó ń gba Àpápá kọjá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè yá ju ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje lọ láé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kò lè pẹ́ dé. Mẹ́jọ péré sì ni ohun tí mo ní lọ́wọ́. Nítorí náà, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni mo mú: 21. Tó bá ti ku páálí 21, kí wọ́n pe Èkó.

Ọ̀gá ní ṣé kì í ṣe pé mo ti dá wa padà sínú kíkó ọjà pamọ́ báyìí. Mo ní ká ṣírò. Páálí 11 ló fi lé 10. Ẹ fi páálí kan pe 60,000 náírà. 660,000 náírà ló máa sùn síbẹ̀, èlé rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 198,000. Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kan tí a kò yan. 20 àpò máa ń bí bíi 2,000 búrẹ́dì. Tó bá jẹ́ 150 náírà ló ń kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300,000 náírà ló lọ lọ́jọ́ kan. Ìdádúró ọjọ́ kan ju owó ìtọ́jú odindi ọdún lọ. Yíìsì gbígbẹ tí a kò tíì já ọ̀rá rẹ̀, tó bá wà níbi tó tutù tí kò sí ọ̀rinrin, kì í bàjẹ́ lóṣù méjì mẹ́ta, kò sì gba àyè. Fúláwà wúwo, ó wọ́n lápapọ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ́, n'Ìbàdàn níbí sì rèé tí mo ti lè rí 20 àpò rà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣìṣe mi ni pé òfin kan náà ni mo fi mú àwọn méjèèjì.

Ìyá kan ti ń nawọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan. *(Ó bèèrè pé, tóun bá rí ẹni tó ń kó o wá tààrà láti òkè òkun, tó máa ń gba oṣù kan, ṣé ìyẹn kò ní burú ju alágbàtà Èkó lọ?)*

Ìyá, ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nìyẹn. Ẹni tó ń pẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe é gbọ́kàn lé. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ 30 ló ń gbà, tí kì í lé tàbí dín ju ọjọ́ kan lọ, páálí méjì péré lẹ ó fi pamọ́ nítorí ìfòyà. Ẹ kàn máa tètè pè é ni, kí ẹ sì máa ka èyí tó wà lójú omi mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Alágbàtà Èkó tó ń sọ pé ọjọ́ méje, páálí 11 ló ń mú kí ẹ fi pamọ́. Owó yín máa pẹ́ lójú omi lóòótọ́, ìyẹn ní ìnáwó tirẹ̀, ṣùgbọ́n oorun yín á dára.

Kódà nígbà tí ọ̀nà bá gùn sí i, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dunni. Nígbà tí wọ́n ń yìnbọn lu ọkọ̀ lójú Òkun Pupa láti ìparí ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi láti Éṣíà wá ń yí gúúsù Áfíríkà po kí wọ́n tó dé Yúróòpù. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Tẹ́slà nítòsí Bẹ̀rílíìnì dá iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní sí ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, torí àwọn ẹ̀yà kò dé. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tún ń tẹ̀ lé ọkọ̀ dé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti gbéra tipẹ́tipẹ́ ni. Àlàfo kan ló là, a sì dí i tán. Ẹni tó ń dé lọ́jọ́ 7 lónìí, tó dé lọ́jọ́ 21 lọ́la, ojoojúmọ́ ló ń la àlàfo.

Àwọn Tóyótà gan-an ti yí ọwọ́ padà. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní Jàpáànù ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n rí i pé ṣípù, ìyẹn ọpọlọ kékeré tó ń darí ohun tó wà nínú ọkọ̀, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè sáré bá wọn ṣe bíi fáàfù. Oṣù púpọ̀ ló ń gbà láti ṣe é. Wọ́n bá ní kí àwọn tó ń kó o wá máa ní ti oṣù méjì sí mẹ́fà nílẹ̀. Nígbà tí ṣípù wọ́n káàkiri ayé ní 2021, àwọn yòókù ti ń ti géètì nígbà tí Tóyótà ṣì ń ṣe ọkọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni tiwọn náà gbẹ, wọ́n sì dín iṣẹ́ kù púpọ̀.

Ohun kan tún kù tí ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Lẹ́yìn wàhálà wa, ọ̀gá ní ká wá alágbàtà kejì, kí ọ̀kan má baà já wa kulẹ̀. A rí i. Nígbà tí ẹrù alákọ̀ọ́kọ́ tún pẹ́, tó gba ọjọ́ 13 yẹn, mo pe ẹnì kejì. Òun náà ní ó ti wà lọ́nà. Mo wádìí títí, mo wá rí i pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ti ń gbà á, kọ̀nténà kan náà ni. Orúkọ méjì la ní, ọ̀nà kan. Kí ẹ tó yọ̀ pé ẹ lẹ́ni méjì, ẹ bi wọ́n pé: irú yíìsì wo ni, orílẹ̀-èdè wo ló ti wá, ta ló kó o wọlé?

Bí a ṣe wá ń ṣe é ní sító kò le. Wọ́n to yíìsì sí ìlà méjì, tuntun sẹ́yìn, àtijọ́ síwájú. Mo gé páálí kan, mo fi máákà pupa kọ 21 sí i, mo tì í bọ àárín, síbi tó jẹ́ pé 21 ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá fa páálí tó wà níwájú káàdì náà, kò ní láti mọ ìwé kà púpọ̀. Á kàn mú un wá sórí tábìlì mi. Ọjọ́ yẹn ni mo máa pe Èkó, màá sì kọ déètì sẹ́yìn káàdì. Ọjọ́ tí ẹrù bá dé, màá kọ déètì kejì. Ẹ̀yìn káàdì yẹn ló wá di ìwé ìṣírò mi. Tí mo bá rí i pé iye ọjọ́ ń gùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, tàbí pé wọ́n ń kó ààbọ̀ ẹrù wá tí wọ́n ń ṣèlérí ìyókù, mi ò ní dúró dìgbà tí yóò tán kí n tó mọ̀ pé nǹkan ti ń yí padà lọ́hùn-ún.

Mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Lóṣù tó kọjá, mo yà kí wọn, mo sì wọ sító. Káàdì náà ṣì wà níbẹ̀, epo bọ́tà ti jẹ etí rẹ̀. Wọ́n ti fa igi lé 21, wọ́n kọ 24 sí i. Ọmọ tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé ẹrù kan ló gba ọjọ́ 24, àwọn sì yá páálí mẹ́ta lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì tí à ń bá pín tírélà.